Bí a ṣe ń fèsì sí ọ̀rọ̀ alátakò lójú ẹsẹ̀ níbi iyàn ilé ẹ̀kọ́

Níbi iyàn ilé ẹ̀kọ́ girama, ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti há sórí láti ilé kì í sábà dà á láàmú. Ìkíni á já gaara: "Ẹ̀yin adájọ́ tí kì í ṣe ojúsàájú, aláago tí kì í yẹ àkókò, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi." Kókó mẹ́ta tí tíṣà ti bá a tún ṣe á tẹ̀ lé e. Ìgbà tó bá wá kan pé kó fèsì sí ohun tí ẹgbẹ́ kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ni ọ̀rọ̀ á dàrú. Á wo bébà ọwọ́ rẹ̀, á ní alátakò òun ò mọ ohun tó ń sọ, á sì sáré padà sórí ohun tó há sórí. Adájọ́ tó bá mọṣẹ́ rẹ̀ ò ní fún un ní máàkì kankan lórí ìyẹn.

Bébà kan, báírò aláwọ̀ méjì àti etí tó mọ ohun tó ń wá ti tó láti borí ìṣòro yìí. Kí ọ̀rọ̀ má baà jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán, iyàn kan ṣoṣo ni mo máa lò látòkè délẹ̀: "Yorùbá ni kí wọ́n máa fi kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá." Ọ̀rọ̀ tó ṣì gbóná ni. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí wọ́n fi kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Nígbà tó di 2025, ìjọba tó gbapò fagi lé e, ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ wọn. Ká gbà pé ìwọ ni olùsọ̀rọ̀ kejì fún ẹgbẹ́ tó fara mọ́ àkòrí yìí. Olùsọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ alátakò ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde, ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n fún un. Tó bá ti jókòó, ìwọ ló kàn.

Pín bébà náà kí iyàn tó bẹ̀rẹ̀

Mú bébà gígùn tí wọ́n fi ń kọ ìdánwò, kí o dá a bùú síwájú rẹ. Fa ìlà méjì kí bébà náà pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Kọ "Wọ́n ní" sókè apá òsì, "Nítorí" sí àárín, "Èsì" sápá ọ̀tún. Jẹ́ kí apá ọ̀tún fẹ̀ ju àwọn méjì yòókù lọ, torí ibẹ̀ ni ojú rẹ máa wà nígbà tí o bá dìde. Olùsọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ẹgbẹ́ kejì bá gbé dìde ní bébà tirẹ̀. Má ṣe pa wọ́n pọ̀.

Báírò búlúù ni wàá fi kọ ohun tí wọ́n sọ, pupa ni wàá fi kọ ohun tí ìwọ máa sọ. Ẹni tó bá fi àwọ̀ kan ṣoṣo kọ méjèèjì á dé iwájú gbọ̀ngàn tán, á máa wá èsì rẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, ìṣẹ́jú àáyá ò sì dúró de ẹnikẹ́ni.

Fi àyè bí ìka mẹ́ta sílẹ̀ láàárín kókó kan àti èkejì, torí ó lè padà sórí kókó kan tó ti fi sílẹ̀. Kí o sì ti mọ àwọn àgékúrú tí o máa lò kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Fún iyàn yìí, Y dúró fún Yorùbá, G fún Gẹ̀ẹ́sì, ọ fún ọmọ, ìd fún ìdánwò. Àmì → túmọ̀ sí "ó ń yọrí sí", ✗ túmọ̀ sí pé nǹkan bàjẹ́ tàbí ẹni náà fìdí rẹmi. Bí àgékúrú bá ju méje tàbí mẹ́jọ lọ, ìwọ fúnra rẹ ò ní rántí ìtumọ̀ wọn.

"Nítorí" ni kí etí rẹ máa wá

Ibí ni iṣẹ́ wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbìyànjú láti kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kì í gbọ́ nǹkan kan; ọwọ́ rẹ̀ á wà lórí gbólóhùn kan nígbà tí olùsọ̀rọ̀ bá ti sọ mẹ́rin mìíràn. Èyí tó ń kọ kókó nìkan náà ò tíì ṣe é dé ibi tó yẹ, torí "ọmọ máa fèlì" ò ṣe é fèsì sí àfi kí o ní "kò ní fèlì", ẹ̀yin méjèèjì á sì máa gba bọ́ọ̀lù síra yín. Ohun tí a lè mú lọ́wọ́ ni ìdí tó fi rò pé ọmọ máa fèlì. Bí ìdí yẹn bá yẹ̀, kókó náà á wó fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí apá àárín bébà fi ṣe pàtàkì.

Gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń jáde lẹ́nu alátakò: "Ẹ̀yin adájọ́, kókó mi àkọ́kọ́ ni ti ìdánwò. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni WAEC, NECO àti JAMB fi ń ṣe ìdánwò. Ọmọ tí ẹ bá fi Yorùbá kọ́ fún odindi ọdún mẹ́fà, níbo ló ti máa rí Gẹ̀ẹ́sì tó máa fi ka ìbéèrè? Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà lábúlé…" Gbogbo èyí, ohun tó máa wà lórí bébà rẹ ò ju ìlà kan lọ. Lápá òsì: "1. Y → ìd ✗". Ní àárín: "G ò ní tó". Ó tán.

Wàá ṣàkíyèsí pé kò dárúkọ "nítorí" rárá. Ọ̀pọ̀ olùsọ̀rọ̀ kì í dárúkọ rẹ̀. Wọ́n á fi ìbéèrè bò ó mọ́lẹ̀, bí irú "níbo ló ti máa rí Gẹ̀ẹ́sì" yẹn. Nígbà tí o bá gbọ́ ìbéèrè tí kò retí ìdáhùn, ìdí ló wà nínú rẹ̀. Bí o bá wá dé apá àárín tí o ò rí ohun tí o máa kọ síbẹ̀, fi àmì ìbéèrè síbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé o ò gbọ́, ó sì lè jẹ́ pé kò sọ ọ́. Tó bá jẹ́ pé kò sọ ọ́, o ti rí èsì gbà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìgbà wo wá ni wàá kọ apá pupa? Ìgbà tó bá ń sọ ìtàn ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá tó wà lábúlé yẹn máa gbà á tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú, kò sì ní sọ ohun tuntun kankan nínú rẹ̀. Ìkíni náà bẹ́ẹ̀, àti ìgbà tó bá ń tún kókó rẹ̀ sọ lọ́nà mìíràn. Gbé báírò pupa, kọ ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta sí apá ọ̀tún, kí o padà sí búlúù kó tó wí pé "kókó mi kejì". Èsì tí o bá dúró kọ lẹ́yìn tó ti jókòó ti pẹ́ jù, torí alága á ti máa pe orúkọ rẹ.

Bí kókó kan bá bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, má ṣe lé e. Kọ nọ́ńbà rẹ̀, fi àyè rẹ̀ sílẹ̀, kí o tẹ̀ síwájú. Ẹnìkejì rẹ lè ti gbọ́ ọ; kó kọ ọ́ sí bébà kékeré kó sún un sí ọ. Sísọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nígbà tí ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀ kì í dára lójú adájọ́, yóò sì tún dí ẹ̀yin méjèèjì létí.

Bí bébà ṣe rí nígbà tó kù díẹ̀ kó jókòó

Alátakò yìí ti sọ kókó márùn-ún. Bí o bá tẹ̀ lé ohun tí mo sọ lókè, apá òsì àti àárín á rí báyìí:

1. Y → ìd ✗ | G ò ní tó
2. Sáyẹ́ǹsì, ìṣirò ní Y ò ṣeé ṣe | kò sórúkọ, kò síwèé
3. Ìgbò, Haúsá, Ègùn wà ní kíláàsì | ìrẹ́jẹ fún wọn
4. Y ti di èdè àtijọ́ | ?
5. Ìjọba fagi lé e, 2025 | ìd ✗

Wo ẹkàrún-ún dáadáa. Pé ìjọba fagi lé nǹkan jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí. Ohun tí ìjọba sọ nígbà náà ni pé àwọn ibi tí wọ́n ti ń fi èdè abínibí kọ́ ọmọ jù ni wọ́n ti ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Kókó àkọ́kọ́ gan-an nìyẹn. Fa ìlà láti 5 lọ sí 1. Èsì kan ló máa tó fún méjèèjì, o sì ti rí ìṣẹ́jú àáyá gbà padà. Ẹni tí kò bá ní apá àárín lórí bébà rẹ̀ kò lè rí èyí láéláé, torí lápá òsì, ìdánwò àti ìjọba ò jọ ara wọn.

Nígbà tí aláago bá lu agogo ìkìlọ̀ fún un, dẹ́kun kíkọ ohun tuntun. Bi ara rẹ léèrè pé èwo nínú àwọn wọ̀nyí ló jẹ́ pé, bí adájọ́ bá gbà á gbọ́, ẹgbẹ́ wa ti pàdánù. Èkínní ni, àti ẹ̀kẹta. Fi pupa yí nọ́ńbà méjèèjì ká. Èkejì á gba gbólóhùn kan. Ẹ̀kẹrin ò gba nǹkan kan: kò sọ ìdí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń rántí rẹ̀ mọ́ nínú gbọ̀ngàn. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ tíṣà máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fèsì sí gbogbo kókó, "kí wọ́n má baà rò pé o sá." Èmi ò gbà. Nínú ìṣẹ́jú márùn-ún tìrẹ, ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ sí méjì ni o lè yà sọ́tọ̀ fún èsì, torí kókó tìrẹ náà ń dúró. Èsì márùn-ún nínú ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ á jẹ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tí kò dé ibì kankan.

Gbólóhùn mẹ́rin ni èsì

Èkínní, sọ ohun tí wọ́n sọ ní ṣókí àti nọ́ńbà rẹ̀, kí adájọ́ lè rí ibi tó wà lórí bébà tirẹ̀. Èkejì, sọ pé ìdí wọn kò dúró. Ẹ̀kẹta, sọ ohun tó mú kó má dúró, pẹ̀lú ẹ̀rí. Ẹ̀kẹrin, sọ ohun tí ìyẹn ṣe fún iyàn náà. Ìkẹrin yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbàgbé jù. Wọ́n á ju ẹ̀rí sílẹ̀, wọ́n á sì fi adájọ́ sílẹ̀ kó parí iṣẹ́ fún wọn.

Ohun tó wà ní pupa níwájú 1 àti 5 lórí bébà rẹ ni "Ifẹ̀ 1970, G = iṣẹ́ kan, wọn ò rẹ̀yìn". Bí o bá dìde, èyí ló máa dà:

"Alátakò wa, nínú kókó rẹ̀ kìn-ín-ní àti ìkarùn-ún, ní ọmọ tí a bá fi Yorùbá kọ́ máa fìdí rẹmi nínú ìdánwò nítorí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò ní tó. Ó ń rò pé ọmọ ò lè mọ Gẹ̀ẹ́sì àfi tí a bá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ ní gbogbo nǹkan, bẹ́ẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti dán an wò: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù, àwọn ọmọ náà kò sì gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tún ṣe dáadáa nínú àwọn iṣẹ́ tó kù. Nítorí náà ìbẹ̀rù ìdánwò kì í ṣe ìdí láti pa Yorùbá tì. Ìdí ni láti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ìyẹn ò sì tako àkòrí wa."

Kà á sókè pẹ̀lú aago lọ́wọ́, wàá rí i pé kò gba ìṣẹ́jú kan. Ìwọ̀n tó yẹ kí èsì tó lágbára jù ní nìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ lo ẹ̀rí Ifẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ mọ ibi tí wọ́n ti lè gbá a padà. Àwọn ọmọ yẹn ní olùkọ́ tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì kọ àwọn ìwé Yorùbá fún wọn. Alátakò tó gbọ́n á ní: "Ṣé ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tó wà ní ìletò yín ní irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀?" Kọ ìdáhùn rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ bébà kó tó di pé ó bi ọ́: àìsí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó dáńgájíá á pa ọmọ tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lára ju ọmọ tí wọ́n ń fi Yorùbá kọ́ lọ, torí ti àkọ́kọ́ ò ní gbọ́ ìṣirò pàápàá.

Fún kókó kejì, gbólóhùn kan ṣoṣo: "Wọ́n ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ò lórúkọ ní Yorùbá, ṣùgbọ́n ìròpọ̀, àyọkúrò, ìsọdipúpọ̀ àti ìpín ni ìṣirò alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tí kò ní orúkọ nínú wọn." Má dúró níbẹ̀. Kọjá lọ.

Nígbà tí òótọ́ bá wà nínú ọ̀rọ̀ alátakò

Kókó kẹta le ju àwọn yòókù lọ, torí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ọmọ Ìgbò àti ọmọ Haúsá wà ní kíláàsì l'Ékòó, gbogbo adájọ́ ló sì mọ̀. Bí o bá ní kò rí bẹ́ẹ̀, wọn ò ní gbà ọ́ gbọ́ lórí kókó kìn-ín-ní tí o ti ṣe dáadáa pàápàá. Gbà fún un, kí o wá fi hàn pé ohun tí o gbà fún un yẹn kò tó láti ṣẹ́gun:

"Nínú kókó kẹta, ó ní ìrẹ́jẹ ni fún ọmọ tí kì í ṣe Yorùbá. Òótọ́ ni pé ó máa kọ́kọ́ ṣòro fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí nǹkan ṣe wà báyìí, òun àti ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó jókòó tì í, èdè tí wọn ò sọ nílé ni a fi ń kọ́ wọn, èyí sì ni alátakò wa fẹ́ kó máa bá a lọ. Ọmọ tó ń fi Yorùbá bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré ní pápá á tètè gbọ́ ọ ju èdè tó jẹ́ pé ẹnu tíṣà nìkan ló ti ń gbọ́ ọ. Tí a bá wọn ìnira ọmọ díẹ̀ mọ́ ti gbogbo kíláàsì, ìhà tiwa ló fúyẹ́ jù."

Wo "ọ̀pọ̀" tó wà níbẹ̀. Bí o bá sọ pé "gbogbo ọmọ Yorùbá", alátakò á dìde, á ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nílé àwọn, gbọ̀ngàn á rẹ́rìn-ín, èsì rẹ á sì dàwátì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè ba ààbọ̀ ìṣẹ́jú jẹ́.

Ohun tó ń fi hàn pé nǹkan ti wọ́

Máa yọjú wo ọwọ́ adájọ́. Bí o bá ti bẹ̀rẹ̀ èsì tí kò sì kọ nǹkan kan, ó ṣeé ṣe kó má mọ kókó tí ò ń fèsì sí. Dárúkọ nọ́ńbà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o rọra tẹ̀ síwájú.

Bí o bá rí i pé o ti lò ju gbólóhùn kan lọ láti tún ọ̀rọ̀ alátakò sọ, iṣẹ́ rẹ̀ lò ń bá a ṣe. Àwọn kan máa ń sọ ọ́ dáadáa ju òun gan-an tó ni ín lọ.

Èyí tó burú jù ni èsì tí wọ́n ti kọ láti ilé. Tíṣà á ní, "Wọ́n máa sọ pé Yorùbá ò ní jẹ́ kí ọmọ ríṣẹ́ ní òkè òkun, èsì rẹ̀ rèé." Alátakò ò wá dárúkọ òkè òkun rárá, ọmọ yìí á sì dìde fèsì sí ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ. Adájọ́ tí bébà tirẹ̀ wà níwájú rẹ̀ á rí i lójú ẹsẹ̀. Kò burú láti múra èsì sílẹ̀. Kọ ọ́ sí ẹ̀yìn bébà, kí o lò ó kìkì tí kókó náà bá jáde lẹ́nu wọn.

Bí wọ́n bá sì ní kí olùsọ̀rọ̀ kan láti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan padà wá sọ ọ̀rọ̀ ìparí, kó má ṣe mú kókó tuntun wá níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ òfin iyàn ni kò gbà á, torí ẹgbẹ́ kejì lè má láyè láti fèsì sí i mọ́. Kó mú bébà gbogbo yín, kó wo ibi tí èsì pupa yín ò ti rí ẹni dá a lóhùn, kó sì rán adájọ́ létí ibẹ̀.

Bí a ṣe ń fi rédíò kọ́ ọ

Ẹ ò nílò ilé ẹ̀kọ́ mìíràn láti fi dánra wò. Ètò rédíò tí àwọn ará ìlú ti ń pe wọlé sọ èrò wọn dára fún un gan-an, torí wọn kì í to ọ̀rọ̀ wọn, wọ́n máa ń bo ìdí wọn mọ́lẹ̀, aago kì í sì í jẹ́ kí wọ́n pẹ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ pín bébà rẹ̀ sí mẹ́ta, kó kọ ọ̀rọ̀ ẹnì kan tó pè sí apá òsì àti àárín nìkan. Kí ẹ yí rédíò náà sísàlẹ̀ bí ẹni náà bá ti parí, kí tíṣà bi í pé, "Kí ni ìdí rẹ̀?" Bí kò bá lè dáhùn láti inú bébà rẹ̀, ẹ má tíì lọ sórí èsì. Bí ó bá lè dáhùn, fún un ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kó kọ pupa, kó dìde, kó sọ gbólóhùn mẹ́rin náà, kí ẹlòmíràn mú aago lọ́wọ́. Nígbà tó bá ti ń rọrùn fún un, ẹ má ṣe fún un ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá yẹn mọ́. Kó kọ pupa nígbà tí ẹni náà bá ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.